Èéyi ti wọ àárín wa, wọ́n ní kí n fi ìṣẹ́jú márùn-ún bá ìjọ sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára

Olùṣọ́Ìjọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé. Èéyi ti wọ àárín wa, ó ti mú àwọn ọmọ kan nínú ìjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fẹ́ wá gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára nínú ọgbà wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wọ́n sì ní kí n fi ìṣẹ́jú márùn-ún bá ìjọ sọ̀rọ̀. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù, àwọn kan ní àdúrà tó. Kí ni kí n sọ, kí sì ni mi ò gbọdọ̀ sọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

BàbáDíákónì

Pásítọ̀, ẹ má jẹ́ kó ni yín lára. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, kí ọkàn wọn balẹ̀. Òbí tó ń bẹ̀rù, ìdánilójú ló ń wá lẹ́nu olórí. Ẹ tún rán wọn létí pé fítámínì A wà. Nígbà tí èéyi mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òun ni wọ́n fún un nílé ìwòsàn, ara rẹ̀ sì yá. Ẹni tí kò bá fẹ́ abẹ́rẹ́ lè lo ìyẹn.

Nọ́ọ̀sìAlájẹsára

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Pásítọ̀. Bàbá Díákónì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n gbólóhùn "kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan" yẹn ni mo fẹ́ bẹ Pásítọ̀ pé kí wọ́n má sọ rárá. Òun ló máa ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ jù.

Mo wà níbi kan tí olórí ìjọ ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn èèyàn gbọ́ tirẹ̀, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan lé díẹ̀, ara àwọn ọmọ kan gbóná, ara àwọn mìíràn súú. Àwọn ìyá sáré padà wá. Ohun tó ń bí wọn nínú kì í ṣe ibà yẹn. Wọ́n ní a tan àwọn jẹ. Nígbà tí a tún lọ síbẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó yọjú kò tó nǹkan, olórí ìjọ yẹn náà ò sì fẹ́ dá sọ́rọ̀ wa mọ́.

Ẹ wò ó, kòkòrò èéyi fúnra rẹ̀ ló wà nínú abẹ́rẹ́ yìí, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlágbára. Ara ọmọ máa bá a jà díẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n. Ìjà yẹn ni ibà tó máa ń dé láàárín ọjọ́ 7 sí 12 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Nínú ọmọ 100, nǹkan bí 5 sí 15 ni ara wọn máa ń gbóná, ara àwọn bíi 5 máa ń súú. Ọjọ́ kan tàbí méjì ló máa ń lò, kì í sì í ran ẹlòmíràn. Ìyá tó bá ti gbọ́ èyí lẹ́nu yín ṣáájú, tí ibà bá dé lọ́jọ́ kẹjọ, yóò ní "Pásítọ̀ ti sọ ọ́." Ìyá tí kò gbọ́ yóò ní abẹ́rẹ́ ti ba ọmọ òun jẹ́.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ, tí ọ̀pọ̀ oníwàásù ò rò ó dé, ni ti ọmọ tó ti kó èéyi kó tó gba abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ojú ọjọ́ wò ó. Ká ní ọmọ kan bá ẹni tó ní èéyi jókòó lọ́jọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ara ọmọ náà dá ṣáṣá. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ó gbé e wá, a gún un. Láti ọjọ́ tí èéyi bá wọ ara títí tí ara á fi súú sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà, ọjọ́ Ajé kejì lẹ́yìn Ìsinmi yẹn, ìyẹn ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ni èéyi gidi yóò yọ sí i lára. Abẹ́rẹ́ kọ́ ló fún un. Kòkòrò yẹn ti wà lára rẹ̀ látọjọ́ Ajé àkọ́kọ́. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Wọ́n á ní ọmọ tó ń ṣeré kiri ni ẹ gún lábẹ́rẹ́ tí ó fi dojú bolẹ̀.

Ó sì tún wá bọ́ sí ọjọ́ kan náà tí ara sísú abẹ́rẹ́ máa ń dé. Ojú lásán ò lè fi gbogbo ìgbà mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ gan-an, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí imú ń ṣomi, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná fún ọjọ́ mélòó kan kó tó súú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èéyi gidi. Ṣùgbọ́n yàrá àyẹ̀wò ló lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀, torí ìran kòkòrò tó wà nínú abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí àwọn tó ń jà káàkiri. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n pe òṣìṣẹ́ ìlera kó wá mú nǹkan yẹ̀ wò, kí wọ́n má jókòó máa jiyàn.

Pásítọ̀, tí ẹ bá sọ nǹkan méjèèjì yìí ṣáájú, ẹ ti ṣe iṣẹ́ tí àwa nọ́ọ̀sì kò lè ṣe. Ẹnu yín ni wọ́n máa gbà á gbọ́.

Ní ti fítámínì A, Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi tán. Ó ṣe pàtàkì fún ọmọ tí èéyi ti mú, torí ó ń dín ikú àti ìfọ́jú kù. Wọ́n máa ń fún un lónìí, wọ́n á tún fún un lọ́la, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà nípa ọjọ́ orí ọmọ. Àmọ́ kò ní kí èéyi má mú ọmọ, kò sì lè dúró nípò abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ń fún ọmọ tí ara rẹ̀ le ní ọ̀pọ̀ rẹ̀ nílé láìsí ìlànà lè ṣe ọmọ náà léṣe, torí ara kì í tètè tú fítámínì A dànù.

ÌyáỌmọMẹ́ta

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Àna ni ọmọ mi ọlóṣù méje wà pẹ̀lú ọmọ kan tí wọ́n ní èéyi ni. Ṣé kí n dúró de ọjọ́ Ìsinmi yẹn náà ni? Ó kù díẹ̀ kó tó ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì rẹ̀. Èmi náà lóyún, n kò sì mọ̀ bóyá mo gba abẹ́rẹ́ rí. Ṣé kí n kúkú gbà á pẹ̀lú rẹ̀?

Nọ́ọ̀sìAlájẹsára

Ìyá, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan. Tí wọ́n bá fún ọmọ lábẹ́rẹ́ láàárín wákàtí 72 tó fara kan èéyi, ó lè dáàbò bò ó, tàbí kó jẹ́ kí àìsàn náà fúyẹ́. Lónìí ni kẹ́ ẹ lọ. Bí èéyi bá ń jà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fún un ní oṣù keje yìí kì í dúró fún tàwọn méjì tó wà lórí káàdì rẹ̀. Yóò ṣì padà wá gba ti oṣù rẹ̀, yóò tún gba ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí káàdì lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín, rárá o. Aboyún kì í gba abẹ́rẹ́ èéyi, torí kòkòrò ààyè ló wà nínú ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹ lóyún, pé ẹ wà nítòsí ẹni tó ní in. Abẹ́rẹ́ mìíràn wà tí wọ́n lè fún yín, èyí tó ń gbé ohun ìjà ara tó ti parí wọlé, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́fà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó jókòó sáàárín àwọn èèyàn, ẹ kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn pé ẹ ń bọ̀, kí wọ́n lè gba yín lójú ọ̀tọ̀.

ÌyáỌmọMẹ́ta

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń múra.

ÀáfàÀdúgbò

Àlàáfíà fún yín. Pásítọ̀, mo ń wá sọ tèmi nítorí àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa náà yóò gbọ́ ohun tí ẹ bá sọ. Wáàsí ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ lò ó fún.

Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í béèrè lójú gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n òun ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró: ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀? Àwọn kan nínú abẹ́rẹ́ yìí ní jẹ́látìn tí wọ́n fi ń mú kí èròjà rẹ̀ má bàjẹ́, jẹ́látìn yẹn sì lè wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn mìíràn kò ní in rárá. Olórí ẹ̀sìn tó bá fo ìbéèrè yìí ń jẹ́ kí ẹlòmíràn dáhùn rẹ̀ fún un nílé.

Èmi máa ń sọ ọ́ síta. Ní 1995, àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù tó lé ní ọgọ́rùn-ún pàdé ní Kùwéètì, wọ́n sì sọ pé ohun tó bá ti yí padà di nǹkan mìíràn pátápátá, gẹ́gẹ́ bí jẹ́látìn, ìdájọ́ tirẹ̀ kò dúró lórí ibi tó ti wá mọ́. Ní 2018, ìgbìmọ̀ àwọn ulamáà ní Indonéṣíà gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ èéyi àti rùbẹ́là, àìsàn mìíràn tó ń mú kí ara súú, tí ìjọba ń lò ní ohun èèwọ̀ nínú, àmọ́ wọ́n fàyè gbà á nítorí ìnira, nígbà tí kò sí irú rẹ̀ mìíràn tó jẹ́ mímọ́. Ọ̀nà méjèèjì ló parí síbi kan náà fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà níwájú ewu. Àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí i pé ní Indonéṣíà, lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn náà, àwọn agbègbè kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mú ọmọ wá. Ọ̀rọ̀ "èèyàn lè gbà á" kò tó. Ẹni tí wọ́n mọ̀, tí ó ń bá wọn jẹ, tí ó ń bá wọn mu, ló yẹ kó sọ ọ́.

Mo bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pé irú èwo ni wọ́n ń gbé bọ̀, kí n má lọ sọ ohun tí n kò mọ̀. Mo dábàá kẹ́ ẹ̀yin náà bi wọ́n, Pásítọ̀. Àwọn ìjọ kan máa ń béèrè nípa sẹ́ẹ̀lì ọmọ inú tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sìAlájẹsára

Àáfà, ẹ ṣeun. Lórí tí ìkẹyìn yẹn, apá ti èéyi nínú àwọn abẹ́rẹ́ kan, inú sẹ́ẹ̀lì ọmọ adìyẹ ni wọ́n ti ń sin kòkòrò rẹ̀; nínú àwọn mìíràn, inú sẹ́ẹ̀lì tó wá láti ara oyún ni. Apá ti rùbẹ́là náà, inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gba láti ara oyún ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń sin ín. Ìjọ Kátólíìkì ti gbé e yẹ̀ wò, wọ́n sì fàyè gba abẹ́rẹ́ náà fún àwọn òbí níbi tí kò bá sí òmíràn. Tí ìyá kan bá béèrè, ẹ má ní irọ́ ni. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀.

Ẹ̀ríNiMoFẹ́

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan láìfi ìbínú ṣe. Wọ́n ń sọ pé àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà ń ní in, pé ní ibì kan àwọn tó gbà á tó ní in kò kéré sí àwọn tí kò gbà á. Tí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, kí ni ìwúlò ẹ̀? Pẹ̀lúpẹ̀lù, ní Sàmóà, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Òkun Pàsífíìkì, àwọn ọmọ méjì kú lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi pamọ́.

Nọ́ọ̀sìAlájẹsára

Kò ṣeé fi pamọ́ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ n gba ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ka àwọn ọmọ ìjọ kan, ká ní wọ́n jẹ́ 200. 190 ti gba abẹ́rẹ́ méjì, 10 kò gba rárá. Abẹ́rẹ́ méjì ń dáàbò bo nǹkan bí 97 nínú 100, nítorí náà bí 6 nínú àwọn 190 ni ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Èéyi wọlé, gbogbo wọn jọ wà nínú yàrá kan. Nínú àwọn 10 tí kò gbà á, bí 9 ni yóò kó o. Tí ẹ bá wo ojú àwọn aláìsàn nìkan, ẹ ó rí 6 tó gbà á, ẹ ó sì rí 9 tí kò gbà á, ẹ ó ní nǹkan kan náà ni. Àmọ́ 6 yẹn jáde láti inú 190, 9 yẹn jáde láti inú 10. Ohun tí kò hàn sí wa ni àwọn 184 tó sùn sílé, tí ara wọn dá.

Ti Sàmóà, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ní oṣù keje ọdún 2018, ọmọ méjì kú. Kì í ṣe ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ ló pa wọ́n. Gbígbẹ ni èròjà yẹn máa ń wá, a ní láti pò ó mọ́ omi tó wà fún un kí a tó fà á sínú abẹ́rẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì fi oògùn kan tó ń mú iṣan ara dẹ̀, tó tilẹ̀ ti kọjá ọjọ́ ìlò rẹ̀, pò ó dípò omi yẹn. Wọ́n dá wọn lẹ́jọ́, wọ́n sì lọ sẹ́wọ̀n. Ó bà mí nínú jẹ́ títí di òní, torí àwọn ọmọ yẹn yẹ kó wà láàyè. Ìjọba dá abẹ́rẹ́ náà dúró fún oṣù mélòó kan, ìbẹ̀rù sì tàn, àwọn òbí tí kò mú ọmọ wá pọ̀ sí i. Nígbà tí èéyi wọlé ní ìparí 2019, ó rí àwọn ọmọ tí kò ní ààbò. Ó pa èèyàn 83, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun tí èyí kọ́ mi ni pé kí òbí ní ẹ̀tọ́ láti wo bí wọ́n ṣe ń pò ó. Èròjà gbígbẹ nínú ìgò kékeré, omi tirẹ̀ tó bá a wá, abẹ́rẹ́ tuntun tí kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn tí a bá ti pò ó, wákàtí mẹ́fà ló ní. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, a máa ń dà á nù. Inú àpótí tó ní yìnyín la sì máa ń fi í sí nínú gbogbo wákàtí yẹn. Bí òbí bá ní kí n fi han òun, mo máa ń yọ ìgò náà síta fún un. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀ríNiMoFẹ́

Ìṣirò yẹn yé mi. Ó kù díẹ̀ tí ọkàn mi kò tíì balẹ̀ lé, àmọ́ màá wá wo bí ẹ ṣe ń pò ó.

ỌmọEgbéAkọrin

Mo rántí ìjọ kan ní Tẹ́sásì, Eagle Mountain, ní 2013. Ẹnì kan tó ti lọ sí Indonéṣíà wá jọ́sìn níbẹ̀, èéyi sì mú èèyàn 21, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba abẹ́rẹ́. Olùṣọ́ wọn, Terri Pearsons, bá ìjọ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n lọ gbà á, wọ́n sì gbé ibùdó abẹ́rẹ́ wá sínú ọgbà ìjọ. Ẹ má jẹ́ kí a máa rò pé ó jẹ́ ìtìjú láti ṣe é nínú ilé Ọlọ́run.

Olùṣọ́Ìjọ

Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Mo ti kọ nǹkan kan, ẹ ṣàyẹ̀wò rẹ̀ fún mi kí n tó lò ó:

*"Ará mi, èéyi ń jà. Àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ wọn ló fà á tó fi tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Lónìí, ẹ ronú pìwà dà. Ẹ gbé ọmọ yín wá. Ìlera jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run, abẹ́rẹ́ náà jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ẹ lọ síbi tí àwọn nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn ìsìn."*

ÀáfàÀdúgbò

Pásítọ̀, ẹ dákun, ẹ yọ gbólóhùn kejì kúrò pátápátá. Ìdílé tí ọmọ wọn ti dùbúlẹ̀ máa wà níjókòó, tàbí kí aládùúgbò wọn wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ ń bá wọn wí, wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ tí ara ọmọ kejì bá súú. Àìsàn tí wọ́n bá fi pamọ́ ló ń rìn jìnnà jù.

Nọ́ọ̀sìAlájẹsára

Mo wà lẹ́yìn Àáfà. Mo tún fẹ́ fi kún un pé ọ̀rọ̀ yín ò sọ aago, kò sọ ẹni tí kò gbọdọ̀ gbà á, kò sì sọ ohun tí wọ́n máa rí lọ́jọ́ kẹjọ. Ìgò kan jẹ́ fún ọmọ mẹ́wàá. Tí àwọn òbí bá ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan jálẹ̀ ọjọ́, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń lọ́ra láti ṣí ìgò tuntun torí ọmọ kan. Ẹ dá aago fún wọn, kí wọ́n wá pa pọ̀.

Ẹ jẹ́ kó wáyé kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀mọ́. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ gbé tábìlì sí. Kòkòrò èéyi lè dúró nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí aláìsàn ti jáde níbẹ̀.

Olùṣọ́Ìjọ

Mo ti tún un kọ. Ẹ gbọ́ èyí:

*"Ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní etí yín. Èéyi wà láàárín wa. Àwọn ìdílé tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ kò dẹ́ṣẹ̀, a ń gbàdúrà fún yín, a sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.*

*Láti aago 10 sí aago 2 lónìí, àwọn nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ àgọ́ níta. Bí ọmọ rẹ bá ti tó oṣù mẹ́fà, mú un lọ, mú káàdì rẹ̀ dání. Bí o kò bá rí káàdì, ṣì mú un lọ. Ẹni tó ti gba ọ̀kan ṣoṣo nílò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí o bá lóyún, tàbí bí ara ọmọ rẹ kò lágbára nítorí àìsàn ńlá tàbí oògùn tó ń lò, kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gún ẹnikẹ́ni.*

*Mi ò ní sọ fún yín pé kò ní sí nǹkan kan. Apá ọmọ lè dùn ún. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ìgbà náà, ara rẹ̀ lè gbóná, ó sì lè súú díẹ̀, á lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọn ọmọ kan láàárín wa lè ti kó èéyi kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́ lónìí, láìjẹ́ pé a mọ̀. Èéyi wọn lè yọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, abẹ́rẹ́ kọ́ ló fà á, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú mú yín. Ẹ pe nọ́ńbà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa kọ fún yín. Bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, tí kò lè mu omi, tàbí tí gìrì mú un, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.*

*Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, tó ń wúkọ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n, kó jókòó sílé. A ó gbé àdúrà wá bá a. Àwọn ọmọ tèmi náà máa tò síbẹ̀ lónìí, iwájú yín ni wọ́n ti máa gbà á."*

Nọ́ọ̀sìAlájẹsára

Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. N kò ní nǹkan láti yọ. Ti gbólóhùn ìkẹyìn, ẹ rí i pé àwọn ọmọ yín ṣì nílò abẹ́rẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́. Tí wọ́n bá ti gba méjèèjì, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi káàdì hàn.

Olùṣọ́Ìjọ

Àbíkẹ́yìn wa nílò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Òun ló máa wà níwájú.

ỌmọEgbéAkọrin

Ó ku nǹkan kan. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti wà pẹ̀lú aláìsàn, tí òbí wọn ṣì kọ abẹ́rẹ́, ṣé kí wọ́n máa wá sí ẹ̀kọ́ ọmọdé? Èmi ní kí a dá wọn dúró fún ọjọ́ 21.

ÀáfàÀdúgbò

Ẹ ó lé wọn sọnù nìyẹn. Wọ́n á lọ síbòmíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wọ́n sí, wọ́n á sì gbé e lọ síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sìAlájẹsára

Ọjọ́ 21 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sábà máa ń lò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò sì wá láti inú ìbínú. Èèyàn lè gbé èéyi kiri fún ọjọ́ mẹ́rin kí ara rẹ̀ tó súú, kó sì máa ràn án títí ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe máa sọ ọ́ kí ìdílé má lọ sá, n kò ní ìdáhùn kan tó bá gbogbo ibi mu. Ẹ bá ọ́fíìsì ìlera yín jókòó kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.

BàbáDíákónì

Mi ò fara mọ́ dídá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Pásítọ̀ mọ èrò mi. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ kẹjọ yẹn ti wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹ fún mi ní orúkọ àwọn òbí tó bá gbà á lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi àti ìyàwó mi á máa pè wọ́n láti ọjọ́ keje lọ.